Lẹ́tà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí nípa «Session expirée» lórí pọ́tà ìdánwò wa: ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò

Olùkọ́ Ìtàn, Kétu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì wa tó ń múra sílẹ̀ de BEPC ṣe ìdánwò àdánrawò láti ilé wọn, lórí pọ́tà ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ ní aago 9:00, ó sì yẹ kó parí ní 11:00. Nínú ọmọ 34 tó wọlé, 11 ni pọ́tà lé jáde nígbà tí wọ́n ń kọ àròkọ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n rí lójú fóònù ni «Votre session a expiré. Veuillez vous reconnecter.» Àwọn kan nínú wọn pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òbí ti ń pè mí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé àwa olùkọ́ la ti ilẹ̀kùn ìdánwò kí àkókò tó pé. Lẹ́tà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sórí ímeèlì wọn nìyí:

> Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,
>
> Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ rí lójú fóònù ní Sátidé kò túmọ̀ sí pé àkókò ìdánwò ti tán, kò sì túmọ̀ sí pé ọmọ yín ṣe ohun tí kò yẹ. Nígbà tí ọmọ bá tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ẹ̀rọ tí pọ́tà wà lórí rẹ̀, èyí tí à ń pè ní sáfà, máa ń fún un ní nọ́ńbà kan, bí ẹni pé oníbodè Àkàbà Ìdènà fi àmì lé àlejò lọ́wọ́ kó lè máa wọlé jáde láìjẹ́ pé wọ́n tún ń bi í léèrè orúkọ. Fóònù ọmọ á tọ́jú nọ́ńbà náà, sáfà á sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbàkígbà tí ọmọ bá tẹ «Suivant» tàbí «Envoyer», fóònù á fi nọ́ńbà náà hàn, sáfà á sì dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí sáfà kò bá gbúròó nọ́ńbà kan fún ìṣẹ́jú 24, á ka ẹni tó ni ín sí ẹni tó ti lọ, á sì pa ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ rẹ́.
>
> Ohun tó mú ti àròkọ yàtọ̀ ni pé ọmọ lè máa tẹ ọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí láìfọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Lójú ọmọ, iṣẹ́ ló ń ṣe. Lójú sáfà, ó ti sùn lọ, nítorí pé ohun tó ń tẹ̀ kò tíì kúrò nínú fóònù rẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi tẹ «Envoyer».

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́ mi lẹ́nu nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú sáìtì fún mi ní àkọsílẹ̀ àkókò tí àwọn ọmọ tẹ bọ́tìnì. Ọmọ kan ṣí ojú ìwé àròkọ ní 9:13, ó tẹ «Envoyer» ní 9:41, pọ́tà sì lé e jáde. Ìṣẹ́jú 28 nìyẹn. Òmíràn ṣí i ní 9:17, kò sì fi ránṣẹ́ títí di 9:52, tí í ṣe ìṣẹ́jú 35, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ṣí i ní 9:12, ó fi ránṣẹ́ ní 9:37, ìṣẹ́jú 25, tiẹ̀ náà wọlé. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ìṣẹ́jú 24 ni òfin, báwo ni ẹni tó pẹ́ jù lọ ṣe bọ́, tí ẹni tó yá jù ú lọ sì kó sí i? N kò lè kọ ohun tí òbí kan máa fi àkókò ọmọ rẹ̀ já lójú mi.

Bàbá Ìkpìnlẹ̀

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ń wá ohun tó wà nílẹ̀ lókè àjà. Mégà ló tán. Ọmọ tèmi náà wà nínú àwọn tí pọ́tà lé jáde, mégà 500 fàràǹkì ni mo sì rà fún un ní alẹ́ Ẹtì, èyí tó ní ọjọ́ tó máa ń kú. Bí mégà bá kú, ṣé kì í ṣe «expiré» náà ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù? Ẹ sọ fún àwọn òbí kí wọ́n ra èyí tó máa lo oṣù kan, ọ̀rọ̀ ti parí.

Onísíbà, Ṣábẹ

Mo ti ń ṣí síbà láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti ń wá yẹ èsì ìdánwò wò lọ́dọ̀ mi, mo sì ti rí ọ̀rọ̀ yìí lójú kọ̀ǹpútà ju bí mo ṣe lè kà lọ. Aago ni. Bí aago fóònù bá fi wákàtí kan ṣáájú tàbí tó fi wákàtí kan rẹ̀yìn, pọ́tà kì í gbà á. Àwọn tí wọ́n bá ra fóònù wá láti Lomé, aago ibẹ̀ fi wákàtí kan rẹ̀yìn tiwa, wọn á wá fi ọwọ́ yí i láìyí orúkọ ìlú inú rẹ̀. Kí àwọn òbí wọ inú ètò fóònù, kí wọ́n fi aago sí èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fúnni, tàbí kí wọ́n mú Africa/Porto-Novo bí wọ́n bá rí i nínú orúkọ àwọn ìlú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n nu gbogbo kúkì inú búráúsà kúrò. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi, kì í sì í kùnà.

Alábòójútó Sáìtì, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Sáìtì ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Ìkpìnlẹ̀, kì í ṣe mégà. Bí mégà bá tán, ojú ìwé kankan kò ní wọlé rárá, búráúsà fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ fún un pé kò sí ìsopọ̀. Sáfà ló kọ gbólóhùn «Votre session a expiré», kò sì sí bí gbólóhùn náà ṣe lè dé ojú fóònù ọmọ bí kò bá sí ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀. Rírí tí ọmọ rí i gan-an ni ẹ̀rí pé mégà ṣì wà.

Ẹ̀gbọ́n Onísíbà, ọ̀rọ̀ yín ní ibi tó ti tọ̀nà. Àwọn pọ́tà kan wà tó jẹ́ pé ojú ìwé inú fóònù ló ń fi aago fóònù ṣe ìṣirò, wákàtí kan péré tó bá fi ṣáájú sì tó láti lé ọmọ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo àmì tó máa ń fara hàn: ọmọ tí ti aago bá bá jà kì í pẹ́ níbẹ̀, bó ṣe ń wọlé ni wọ́n ń lé e. Àwọn ọmọ Olùkọ́ ti ṣe bí ìdajì wákàtí kí ó tó ṣẹlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé aago náà fi oṣù tàbí ọdún ṣáko, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n máa rí. Chrome á kọ NET::ERR_CERT_DATE_INVALID sí wọn lójú kí pọ́tà tó ṣí rárá. Ní ti nínu kúkì, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ fún ọmọ tó wà lẹ́nu ìdánwò. Inú kúkì ni nọ́ńbà tí Olùkọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ẹni tó bá nù ún ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ àmì ìwọlé rẹ̀ nù. Lẹ́yìn ìdánwò, kò burú.

Ó wá ku ìbéèrè Olùkọ́, èyí tó dùn mọ́ mi jù. Ẹ bá mi bi ẹni tó ń tọ́jú sáìtì yín léèrè: ṣé PHP ni wọ́n fi kọ pọ́tà náà, ṣé Debian tàbí Ubuntu ló sì wà lórí sáfà?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ dákun, ẹ̀yin olùmọ̀, kí ẹ tó lọ jìnnà, ẹ gbọ́ tèmi. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn làwọn tèmi ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n rí. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé. Mo ní kí Táyé ṣí tirẹ̀ sí táàbù kan, kí Kẹ́hìndé ṣí tirẹ̀ sí ìkejì, kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí ẹnì kan bá ń ro ìdáhùn lórí pépà. Nígbà tó kan Táyé láti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní sẹ́ṣọ̀n rẹ̀ ti kú. Ó tún wọlé, ó parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Kẹ́hìndé náà kú. Wọ́n lé ara wọn títí ìdánwò fi parí. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì pé kí ó tó máa ṣẹlẹ̀, nítorí náà n kò rí bí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 24 ṣe kàn wá.

Alábòójútó Sáìtì, Àjàṣẹ́

Ìyá Ìbejì, kò kàn yín lóòótọ́. Ohun tó ṣe tiyín ni pé búráúsà kan kì í tọ́jú ju nọ́ńbà kan lọ fún pọ́tà kan, bó ti wù kí táàbù tó ṣí pọ̀ tó. Bí Kẹ́hìndé bá wọlé, nọ́ńbà rẹ̀ á gorí ti Táyé; bí Táyé bá padà wọlé, tirẹ̀ á tún gorí ti Kẹ́hìndé. Lọ́jọ́ mìíràn, kí ọ̀kan lo Chrome, kí ìkejì lo Firefox, nítorí pé kúkì àwọn méjèèjì kì í dà pọ̀. Mo tún fẹ́ kí ẹ bá olùkọ́ wọn sọ̀rọ̀ kíákíá, kó wò ó bóyá ìdáhùn ẹnì kan kò ti wọ abẹ́ orúkọ ẹnì kejì, nítorí pé kì í ṣe gbogbo pọ́tà ló ń lé èèyàn jáde nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á kàn gba iṣẹ́ náà bí ẹni pé Kẹ́hìndé ló kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Háà! Kẹ́hìndé ló ní òun gba máàkì tó pọ̀ ju bí òun ṣe rò lọ.

Olùkọ́ Ìtàn, Kétu

Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Alábòójútó, mo ti bi í. Ó ní PHP ni, Debian ló sì wà lórí sáfà. Ó tún sọ ohun kan tó dá kún ìyanu mi: ó ní láti oṣù tó kọjá ni òun ti sún àkókò náà sí wákàtí méjì, pé ìlà yìí wà nínú kóòdù pọ́tà:

```
ini_set('session.gc_maxlifetime', 7200);
```

Bí ó bá jẹ́ wákàtí méjì ni, kò yẹ kí ọmọ kankan jáde. Ibo ni mo ti wá rí ìṣẹ́jú 24? Inú ìwé àlàyé PHP ni, níbi tí wọ́n ti ní ìṣẹ́jú-àáyá 1440 ni àkókò tí PHP ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà.

Alábòójútó Sáìtì, Àjàṣẹ́

Mo ti rí i báyìí. Òun kò purọ́, ẹ̀yin náà kò ṣìnà.

Àṣìrò tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo wa máa ń ronú pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní aago tirẹ̀, pé bí ìṣẹ́jú 24 bá ti pé, ó kú nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì kékeré ni sẹ́ṣọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ lórí sáfà, fáìlì kì í sì í pa ara rẹ̀ rẹ́. Agbálẹ̀ kan ló ń wá gbá àwọn tó ti gbó dànù. Bí agbálẹ̀ kò bá tíì dé, fáìlì tó ti lé ní ìṣẹ́jú 24 ṣì wà níbẹ̀, ọmọ tó ni ín á sì wọlé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe. Lórí Debian, agbálẹ̀ yìí ní àkókò tí kì í yẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nígbà tí aago bá lu ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú 39. Ẹni tó ń tọ́jú sáìtì yín lè rí i nínú `/etc/cron.d/php`.

Ẹ wá gbé àwọn ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i. Ní 9:39, agbálẹ̀ dé. Ẹni tó ṣí ojú ìwé rẹ̀ ní 9:13 ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 26. Ó ju 24 lọ, wọ́n gbá a, ó sì tẹ «Envoyer» ní 9:41, ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó ṣí tirẹ̀ ní 9:17 ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 22 péré nígbà náà. Agbálẹ̀ fò ó, kò sì tún padà wá títí di 10:09, bẹ́ẹ̀ 9:52 ló ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní 9:37, ó dákẹ́ ju 24 lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbálẹ̀ kò tíì dé. Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ àwọn 11 náà, mo lérò pé ẹ ó rí i pé wọ́n tẹ bọ́tìnì kẹ́yìn ṣáájú 9:15, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn 9:39.

Ní ti ìlà `ini_set`, inú kóòdù pọ́tà ló wà, agbálẹ̀ kì í sì í ka kóòdù pọ́tà. Inú fáìlì `php.ini` ló ti ń wo iye tó máa lò. Pọ́tà gbà pé wákàtí méjì ni, agbálẹ̀ gbà pé ìṣẹ́jú 24 ni, agbálẹ̀ ló sì ní ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Kó lọ kọ ọ́ síbẹ̀, kó sì tún PHP bẹ̀rẹ̀:

```
session.gc_maxlifetime = 7200
```

Onísíbà, Ṣábẹ

Mo gbà pé aago kọ́ nibí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago náà ló padà jẹ́, ti sáfà dípò ti fóònù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀ dájú: bí ọ̀rọ̀ yẹn bá jáde, kí ọmọ tẹ ọfà tó ń padà sẹ́yìn, gbogbo ohun tó kọ á tún wà níbẹ̀. Mo ti fi gba àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ mi sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Alábòójútó Sáìtì, Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, nígbà mìíràn ó ń rí bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn ojú ìwé òfìfo ló máa ń padà wá. Bí wọ́n ṣe kọ pọ́tà àti búráúsà tí ọmọ ń lò ló ń pinnu rẹ̀. N kò ní fi àròkọ ọmọ ta tẹ́tẹ́. Ohun tó dáa jù ni kí ọmọ fọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó tẹ «Envoyer», kó yan «Tout sélectionner», kó sì tẹ «Copier». Bí wọ́n bá lé e jáde, á tún wọlé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹni tó ń tọ́jú sáìtì tún lè fi ìlà kan sí ojú ìwé àròkọ tí yóò máa kan ilẹ̀kùn sáfà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí sáfà lè mọ̀ pé ọmọ kò tíì lọ:

```
setInterval(() => fetch('/garde.php'), 300000);
```

Nínú `garde.php`, `session_start();` nìkan ti tó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pa iná ojú fóònù tàbí tó bọ́ sórí WhatsApp, fóònù lè dá ìkànkùn náà dúró. Nítorí náà, kò gba ipò iye tó wà nínú `php.ini`.

Bàbá Ìkpìnlẹ̀

Mo ti gbọ́, mo gbà pé kì í ṣe mégà. Ìbéèrè mi ni pé ta ló máa san àròkọ tí ọmọ mi kọ tó sọnù? Kò sí àṣìṣe lọ́wọ́ rẹ̀, Olùkọ́ náà sì ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Olùkọ́ Ìtàn, Kétu

Bàbá, ẹ ní ẹjọ́ àre. Èmi nìkan kọ́ ni mo ń pinnu, mo sì ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Èrò tèmi ni pé kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn tún àròkọ náà kọ lórí pépà ní kíláàsì, pẹ̀lú ìbéèrè mìíràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní yóò jẹ́ ìrẹ́jẹ sí àwọn 23 tó kù, nítorí pé àwọn tó tún un kọ á ti ní ọ̀sẹ̀ kan sí i láti fi kàwé. A kò tíì fẹnu kò.

Mo ti yí ìparí ìpínrọ̀ kìíní lẹ́tà náà padà báyìí:

> Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nígbà tí aago bá lu ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú 39, sáfà máa ń pa nọ́ńbà gbogbo ẹni tí kò bá gbúròó rẹ̀ fún ohun tó ju ìṣẹ́jú 24 lọ rẹ́. Ìdí nìyí tí ọmọ méjì tí wọ́n dákẹ́ fún iye àkókò kan náà fi lè bá a pàdé lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àṣìṣe náà wà nínú ètò sáfà wa, kì í ṣe lọ́dọ̀ ọmọ yín tàbí nínú fóònù rẹ̀. Kí ìdánwò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a ó ti sún un sí wákàtí méjì, a ó sì fi ọmọ mẹ́ta dán an wò fún ìṣẹ́jú 45. Síbẹ̀, kí ọmọ yín máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú «Copier» kí ó tó tẹ «Envoyer».

Alábòójútó, mo ti yẹ àwọn 11 náà wò. Mẹ́wàá bá ohun tí ẹ sọ mu, wọ́n tẹ bọ́tìnì kẹ́yìn láàárín 9:06 àti 9:14. Ẹ̀kọkànlá kò bá a mu rárá: 9:16 ló tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, 9:22 ni wọ́n sì lé e jáde.

Alábòójútó Sáìtì, Àjàṣẹ́

Agbálẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹ bi ọmọ náà bóyá ó ń lo fóònù kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn nínú ilé, tàbí bóyá ó ṣí pọ́tà nínú táàbù mìíràn, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tọ́jú sáìtì yín wá 9:16 sí 9:22 nínú àkọsílẹ̀ sáfà kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Olùkọ́ Ìtàn, Kétu

Mo bi í. Ó ní fóònù òun ni, táàbù kan ló sì ṣí. N óò padà wá nígbà tí àkọsílẹ̀ bá dé ọwọ́ mi.